Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà: Bí A Ṣe Ń Dágbére Fún Olúkúlùkù Bó Ṣe Jẹ́ Sí Wa

Mo kí gbogbo yín o. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo yẹ́ yín sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń fi fóònù yà mí láti ìgbà tí mo ti wọlé, mo rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn pátápátá nítorí pé àga kò kárí, ẹ kú ìdúró, ẹsẹ̀ ò ní dùn yín.

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà kíkọ. Mo ní odindi lẹ́tà ti pọ̀ jù fún ìjókòó kan, ẹ jẹ́ ká mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni kí n máa ka lẹ́tà tí àwọn ẹlòmíràn kọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí n sì sọ ibi tó wọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ènìyàn lè kọ ojú ewé méjì tó dán mọ́rán, kí ó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ níbi tó ti ń sọ pé ó dàbọ̀.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá dúró níwájú rẹ tí mo ní "bá mi ṣe é lónìí o", ojú mi àti ohùn mi ni yóò sọ fún ọ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ tàbí àṣẹ ni mò ń pa. Ìwé kò lójú, kò sì ní ohùn. Ẹni tó ń kà á kò rí nǹkan kan àfi ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì kà kẹ́yìn ló máa ń kù sí i létí nígbà tó bá ń ronú ohun tí yóò fi dá ọ lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ìlà mẹ́ta yẹn fi wúwo ju bí wọ́n ṣe gùn lọ.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìsàlẹ̀ yìí ká. Bí mo bá bi yín pé kí ni ìparí lẹ́tà, ọ̀pọ̀ yóò ní "Èmi ni tiyín ní tòótọ́." Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́. Gbólóhùn kan wà lókè rẹ̀ tó ń kádìí ọ̀rọ̀, òun ló ń sọ ohun tí o fẹ́ kí ẹni yẹn ṣe lẹ́yìn tó bá ka ìwé tán: kí ó fèsì, kí ó dárí jì ọ́, kí ó kàn mọ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkíni ìparí fúnra rẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tí ẹ jẹ́ sí ara yín. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ, àwa a sì máa fojú kéré orúkọ yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an a máa sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá mọ Bíbélì yóò rántí Pọ́ọ̀lù. Ó máa ń pe lẹ́tà ni, akọ̀wé a sì máa kọ ọ́. Nínú ìwé Róòmù orí 16, akọ̀wé yẹn tilẹ̀ dá sí i, ó ní èmi Tẹ́tíù tí mo kọ ìwé yìí kí yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ìkíni ìparí, Pọ́ọ̀lù a gba kálàmù, a fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ní ìparí Tẹsalóníkà Kejì, ó ní àmì òun nìyẹn nínú gbogbo lẹ́tà òun. Ẹ ò rí nǹkan! Òkè lọ́hùn-ún lè jẹ́ ọwọ́ akọ̀wé, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹni tó ni ọ̀rọ̀ mọ̀. Mo mú un wá nítorí pé lónìí, fóònù ló ń dábàá ìkíni ìparí fún wa: o tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, o kò tilẹ̀ wo ẹni tí ò ń kọ̀wé sí.

Ní ti orúkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀ kí n tó gbàgbé. Sí ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí, orúkọ kan ti tó. Sí ọ́fíìsì, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ orúkọ ní kíkún sí abẹ́ ìfọwọ́sí, kí ẹ sì kọ ipò yín bí ipò yẹn bá kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má fi Ọ̀gbẹ́ni tàbí Olóyè síwájú orúkọ ara yín, ẹlòmíràn ló ń fi ìyẹn pe ènìyàn. Àmọ́ o, orúkọ wa púpọ̀ ni kì í fi akọ tàbí abo hàn. Bí o bá ń jẹ́ Táíwò tàbí Kẹ́hìndé, tí o kò sì bá ẹni yẹn pàdé rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá Ọ̀gbẹ́ni ni òun yóò kọ ní tàbí Ìyáàfin? Fi sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ rẹ. Ìyẹn kì í ṣe ìgbéraga, ìrànlọ́wọ́ ni fún ẹni tí yóò dá ọ lóhùn.

Ipò yàtọ̀ sí ìsúnmọ́ra

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí, ibẹ̀ ni n óò sì ti pẹ́ jù.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ pé lẹ́tà méjì ló wà: gbẹ̀fẹ́ àti àìgbẹ̀fẹ́. Gbẹ̀fẹ́ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àìgbẹ̀fẹ́ fún ọ́fíìsì. Òótọ́ ni, fún ìdánwò ó ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe pín sí méjì? Ìyá ìyàwó rẹ, gbẹ̀fẹ́ ni àbí àìgbẹ̀fẹ́? Ọ̀gá tí ẹ jọ ń ṣe àwàdà lójoojúmọ́ ńkọ́? Ọmọdé tí o gbà síṣẹ́ tí o kò tíì rí lójú rí ńkọ́?

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ara mi, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́: ta ló ga jù nínú àwa méjèèjì, yálà ní ọjọ́ orí tàbí ní ipò? Èkejì: báwo la ṣe súnmọ́ ara wa tó? Ẹni gíga lè súnmọ́ni gan-an, bí bàbá ẹni. Ẹni tí kò ga jù ọ́ lè jìnnà sí ọ gan-an, bí akọ̀wé kékeré kan ní ọ́fíìsì tí o kò dé rí. Bí o bá fi ìdáhùn ọ̀kan dáhùn èkejì, ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a rò pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ti ga, ó gbọ́dọ̀ jìnnà, wọ́n a wá kọ "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" sí bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Bàbá a kà á, a ní kí ló dé, ṣé mo ṣẹ ọmọ yìí ni? Àwọn mìíràn a rò pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ti di ẹgbẹ́, wọ́n a wá kọ "o ṣé" sí ọ̀gá.

Ó dára. Fún ẹni gíga tó súnmọ́ni, kí ni a ń kọ? Orúkọ ìbátan ló dára jù: "Ọmọ yín ọ̀wọ́n", "Àbúrò yín", "Akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́". Ẹ wò ó dáadáa: "yín" tó wà níbẹ̀ ń bọ̀wọ̀, "ọmọ" tó wà níbẹ̀ ń súnmọ́ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Fún ẹni tó ga tó sì jìnnà, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" ni, kò sí àríyànjiyàn. "Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀" wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí mo ti bá pàdé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tí a mọ orúkọ ara wa, ṣùgbọ́n tí a kò tíì jọ jẹun. Fún ẹgbẹ́ tó jìnnà, irú ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, "Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́" ti tó, orúkọ kan sì tẹ̀ lé e. Fún ọ̀rẹ́ pọ́nbélé, "o ṣé o jàre" nìkan ti tó. "Jàre" yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tí o kò lè sọ jàre fún kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi mí pé bí iyèméjì bá wà ńkọ́, ṣé kí wọ́n kàn bọ̀wọ̀ títí ni? Ní ìgbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bínú rí pé àlejò pe òun ní "ẹ". Àmọ́ ẹ má rò pé ọ̀wọ̀ kì í pọ̀ jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Mo ti ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan tó parí báyìí pé: "Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀gá àwọn ọ̀gá, ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi jíǹkí ayé." Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kò tíì rí ọmọ náà rí. Ìyìn tí ènìyàn kò tíì ṣiṣẹ́ fún a máa mú un fura; ó fi lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n mú òmíràn wá.

Ìgbà kan wà tí irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ òfin. Nígbà ìjọba amúnisìn, lẹ́tà ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì a máa parí pẹ̀lú gbólóhùn gígùn kan tó ń sọ pé èmi ni ìránṣẹ́ yín onígbọràn. Kódà ọ̀gá tó ń bá ọmọ abẹ́ rẹ̀ wí lè parí ìbáwí yẹn pẹ̀lú "ìránṣẹ́ yín onígbọràn". Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó retí kí a gbà á gbọ́, ìlànà lásán ni. Nígbà tí gbólóhùn bá ti di báyẹn, a kì í kà á mọ́, ojú a fò ó kọjá. "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" náà ti ń lọ sí ọ̀nà yẹn díẹ̀díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé gbólóhùn tó wà lókè rẹ̀, ìyẹn gbólóhùn ìkádìí, ni kí ẹ máa fi ọkàn kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo lẹ́tà kan

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín ní kíkún. Ọmọ kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ́lá, ń wá ibi tí yóò ti kàwé sí i, ó sì nílò kí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ bá a kọ ìwé ìjẹ́rìísí. Olùkọ́ yìí kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, àmọ́ wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti jáde. Inú lẹ́tà rẹ̀ dára. Bí ó ṣe parí rẹ̀ nìyí:

"Mo fẹ́ kí ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo dúpẹ́ sílẹ̀. Mò ń retí èsì yín kíákíá.
Ire o,
Bọ́lá."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Kí lẹ̀ ń rí? Bọ́lá lo "ẹ", ó lo "yín", ó dúpẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ àrífín kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá kà á yóò rí i pé ohùn ọ̀gá ló fi parí.

"Mo fẹ́ kí ẹ" ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí òun fẹ́, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àyè tí ẹnì kejì ní. Ọjọ́ tó dá kò burú, kódà ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí olùkọ́ tí kò bá mọ ọjọ́ lè ṣèrànwọ́ kí ó sì pẹ́ jù. Ohun tó burú ni pé ọjọ́ yẹn dà bí ẹni pé Bọ́lá ló dá a. Àwọn tó ń gba ìwé ló dá a, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. "Mo dúpẹ́ sílẹ̀" ni èkejì, n óò padà sí i láìpẹ́. "Kíákíá" kò bójú mu rárá sí àgbà tó ń ṣe ọ́ lóore. Ọ̀gá lè sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́, ọ̀rẹ́ lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. "Ire o" ńkọ́? Ire kò burú, ta ni kò fẹ́ ire? Àmọ́ bí ó bá dá wà báyẹn nísàlẹ̀ lẹ́tà, ohùn ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni, tàbí ti àgbà sí ọmọdé. "Bọ́lá" nìkan náà ńkọ́? Olùkọ́ tó ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, Bọ́lá wo ni yóò rántí?

A jọ tún un ṣe. Bó ṣe rí nígbà tó lọ nìyí:

"Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ni àwọn tó ń gba ìwé yóò kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Bí àyè bá yọ fún yín, inú mi yóò dùn púpọ̀ tí ẹ bá lè bá mi kọ ọ́. Bí kò bá yọ, ó yé mi, mo sì mọ rírì ohun tí ẹ ti ṣe fún mi látẹ̀yìnwá. Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí.
Akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,"

Ó wá kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì fi ọdún tó jáde sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀wọ̀ máa ń gba àyè. Ẹ sì ṣàkíyèsí ọ̀nà àbáyọ tó fún olùkọ́: "Bí kò bá yọ, ó yé mi." Ẹni tí o bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún kì í sábà sá jáde.

Ká ní ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Bọ́lá ti ń tọrọ rẹ̀ ńkọ́? "Jọ̀ọ́ má jẹ́ kó kọjá Ẹtì o. O ṣé o jàre. Bọ́lá." Ó parí. Bí ó bá kọ ti olùkọ́ yẹn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ yóò pè é lórí fóònù láti béèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣe é o. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Àbúrò yín, Bọ́lá." Kíkí ará ilé yẹn ń sọ pé kì í ṣe torí ìwé nìkan ni mo ṣe rántí yín. Sí ọ́fíìsì tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀: "Mo nírètí pé ìbéèrè mi yóò rí ojú rere yín. Èmi ni tiyín ní tòótọ́," ìfọwọ́sí, orúkọ ní kíkún. Kò sí ará ilé níbẹ̀, kò sí àdúrà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ọpẹ́ àti ibi tí kò yẹ kó wà

Mo ṣèlérí pé n óò padà sórí "Mo dúpẹ́ sílẹ̀". Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Rárá. Bí o bá ń béèrè ohun kékeré tó jẹ́ iṣẹ́ ẹni yẹn gan-an, bí ẹni ní kí akọ̀wé bá òun wá nọ́ńbà ìwé kan, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oore ni ò ń tọrọ, ohun tí ẹni yẹn lè kọ̀, ọpẹ́ tó ṣáájú oore a máa dà bí ẹni pé o ti gba nǹkan náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó nawọ́. Dúpẹ́ lórí ohun tó ti ṣe: pé ó ka ìwé rẹ, pé ó ti ràn ọ́ lọ́wọ́ rí. Fi ọpẹ́ tó kù pamọ́ di ìgbà tí oore bá dé, kí o sì wá kọ lẹ́tà mìíràn fún ìyẹn nìkan. Lẹ́tà kejì yẹn ni àwọn ènìyàn kì í sábà kọ, ìyẹn ló sì máa ń jẹ́ kí ẹni náà rántí wọn.

Ọpẹ́ náà ní ipele. "O ṣé" fúyẹ́, fún ọ̀rẹ́ àti àbúrò. "Ẹ ṣé" àti "Ẹ ṣeun" ni ti gbogbo ọjọ́. "Mo dúpẹ́" wúwo sí i, nítorí pé ìwọ alára ti wọ inú ọ̀rọ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi", kí ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún ohun tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń dúpẹ́ gidigidi nítorí pé wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sí i, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ewu?

Àwọn lẹ́tà kan wà tí ọpẹ́ kò yẹ kó parí wọn. Lẹ́tà ẹ̀sùn jẹ́ ọ̀kan. Bí o bá ti ṣàlàyé pé wọ́n gba owó rẹ, wọn ò sì ṣe iṣẹ́, má fi "Ẹ ṣeun púpọ̀" kádìí rẹ̀. Ẹni tó kà á yóò rò pé inú rẹ ti rọ̀. Sọ ohun tí o fẹ́ àti ọjọ́ tí o fẹ́ ẹ: "Mò ń retí kí owó náà padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Lẹ́yìn náà ni "Èmi ni tiyín ní tòótọ́." Níbẹ̀ gan-an ni gbólóhùn yẹn ti wúlò jù, nítorí pé kò gbóná, kò sì tutù.

Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ni èkejì. Kò sí "mò ń retí èsì yín" níbẹ̀ o! Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní èsì. "Ẹ má ṣe ìyọnu láti fèsì" dára gan-an níbẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún "ó dìgbóṣe". Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa fi parí lẹ́tà nítorí pé ó dùn létí. Létí àwọn àgbà, òkú ni wọ́n ń fi í dágbére fún: ó dìgbóṣe, ó dàrìnnàkò. Ẹni tí o bá fẹ́ tún rí, "ó dàbọ̀" ni kí o sọ fún un.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un tó jẹ́ ti ayé òde òní. Ímeèlì ọ́fíìsì a máa lẹ orúkọ, ipò, nọ́ńbà fóònù àti àmì ilé iṣẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà fúnra rẹ̀. Mo rí lẹ́tà ìbánikẹ́dùn kan sí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wọni lára. Lábẹ́ rẹ̀ ni "Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ìtajà", nọ́ńbà mẹ́ta, àti ìpolówó ẹ̀dínwó tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò! Kò gbà ju kí ẹ fa ìka lé e lórí kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ wá tẹ orúkọ tí ẹni yẹn mọ̀ yín sí.

Àdúrà ńkọ́? Láàárín ẹni tó mọra, ó dùn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tó ń gbà. "Wàá dàgbà, wàá dàrúgbó" láti ẹnu àgbà ló ti ń wá. Ọmọdé tó bá fẹ́ ṣàdúrà fún àgbà, "Ẹ óò pẹ́ fún wa" ni kí ó sọ. Bí ẹ kò bá mọ ẹ̀sìn ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí, ẹ fi mọ sórí Ọlọ́run.

Bí lẹ́tà bá ń lọ tó ń bọ̀

Ìkíni ìparí kì í dúró sójú kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lè jẹ́ "Èmi ni tiyín ní tòótọ́". Ẹnì kejì fèsì, ó fi "Ẹ ṣeun" parí, ó sì kọ orúkọ kan péré. Kí lo máa ṣe? Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan súnmọ́ ọ. Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́, gbé ẹsẹ̀ kan náà. Bí ó bá jẹ́ àgbà fún ọ, gbé ìdajì: kúrò lórí "tiyín ní tòótọ́" bọ́ sí "tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀", àmọ́ má fi "yín" sílẹ̀. Ẹni tó ga ló ń kọ́kọ́ súnmọ́ni. Bí àgbà bá pe ara rẹ̀ ní orúkọ kan lásán, ìyẹn kò sọ pé kí ìwọ náà máa fi orúkọ yẹn pè é.

Lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ìkíni ìparí a máa bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì burú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra kó má padà lójijì. Ọ̀rẹ́ tó máa ń sọ fún ọ pé "ó dàárọ̀ o, ìwọ jàǹdùkú", tó wá kọ "Ẹ ṣeun, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀" lálẹ́ ọjọ́ kan, bínú ló bínú yẹn, kí o yáa pè é.

Kí orí àti ìdí lẹ́tà sì bára mu. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Alàgbà", má parí pẹ̀lú "o ṣé". Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n" tó wá parí ní "Èmi ni tiyín ní tòótọ́" ti lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sóde. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn tẹ̀ léra, láìka àárín. Bí ó bá dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ló kọ wọ́n, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí padà, ìsàlẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́.

Mo rí ọwọ́ lẹ́yìn. Ẹ máa wí. Ìbéèrè wọn ni pé bí lẹ́tà kan bá ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, tí àgbà wà níbẹ̀, tí ọmọdé wà níbẹ̀, tí ọ̀rẹ́ náà sì wà níbẹ̀, ta ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n?

Ìbéèrè dáadáa ni. Yorùbá ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí pé "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ náà la fi ń pe ènìyàn púpọ̀. Ẹ kọ "Ẹ ṣeun", àgbà yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀, ọmọdé yóò gbà á pé àwọn pọ̀. Ìkíni ìparí nìkan ló kù, àgbà inú wọn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: "tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀". Ọ̀rẹ́ yín tó wà níbẹ̀ yóò mọ̀ pé òun kọ́ lẹ ń bá wí. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rọ̀ àwàdà fún un, ẹ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.